Káàdì náírà mi kò gbà lórí ìsọ̀ ilẹ̀ òkèèrè: ta ló ń kọ̀ ọ́ gan-an?

Oníṣọnà Ìtálè (Ìjẹ̀bú-Òde), ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Iṣẹ́ mónógíráàmù ni mò ń ṣe. Húùkù tó ń yí ilé bóbìnì ká lára ẹ̀rọ mi ti ṣẹ́, mo sì rí irú rẹ̀ ní ìsọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 46.50 pọ́n-ùn, owó ìfiránṣẹ́ sì jẹ́ 9.50. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi káàdì Mastercard náírà mi sanwó, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n kọ̀ ọ́. Owó wà nínú àkáǹtì, káàdì yìí kan náà sì ṣiṣẹ́ lórí POS ní Òkè-Ajé lónìí. Ta ló ń kọ owó mi, ṣé báńkì ni àbí ìsọ̀? Aṣọ regbérégbé tí wọn yóò wọ̀ sí Ojúde Ọba ti kún ilẹ̀ dè mí.

Tíṣà Àgbà Ìkẹ́nnẹ́, aago 9:40 alẹ́

Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe kí ọ̀ràn rẹ jọ tèmi. Nígbà tí mo fẹ́ ra ìwé kan láti òkèèrè, káàdì Verve ni mo ní lọ́wọ́, nọ́ńbà mọ́kàndínlógún ló wà lójú rẹ̀, àyè mẹ́rìndínlógún péré ni ìsọ̀ náà sì fi sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe bàìbàì. Ka nọ́ńbà ojú káàdì rẹ dáadáa kí o tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Akọ̀wé Káàdì (Ṣàgámù), aago 10:05 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa Verve, nítorí káàdì ilé wa ni, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ òkèèrè ni kò sì mọ̀ ọ́n rárá. Ṣùgbọ́n Mastercard ni Àǹtí Oníṣọnà ní, ìsọ̀ náà mọ ìyẹn, nítorí náà ibòmíràn ni ká wò.

Mo ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn káàdì ní báńkì kan fún ọdún mélòó kan kí n tó fi í sílẹ̀, ohun tí mo sì kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí ìsọ̀ bá kọ sójú fóònù yín kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun kan pàtó. Ìsọ̀ béèrè lọ́wọ́ báńkì tirẹ̀, báńkì yẹn béèrè lọ́wọ́ Mastercard, Mastercard wá béèrè lọ́wọ́ báńkì yín. Ìdáhùn tó padà wá kì í ju nọ́ńbà méjì lọ. 51 túmọ̀ sí pé owó kò tó, 57 pé a kò gba káàdì náà láàyè fún irú ìsanwó bẹ́ẹ̀, 61 pé iye náà ti ju gbèdéke lọ. 05 ni èyí tó ń bí mi nínú jù, torí pé ó kàn ń sọ pé báńkì kọ̀ ni, kò sọ ìdí. Gbogbo wọn pátá ni ìsọ̀ máa ń kó pọ̀ sínú gbólóhùn kan ṣoṣo, `Your card was declined`, tí oníbàárà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Nítorí náà, ẹ dá mi lóhùn ohun mẹ́ta. Ṣé ojú-ewé tó ní orúkọ báńkì yín, tó ní kí ẹ tẹ kóòdù sí i, jáde rárá? Tó bá jáde, ṣé kóòdù náà dé orí fóònù yín? Ǹjẹ́ àlẹ́ẹ̀tì kankan wọlé pé wọ́n ti yọ owó?

Ọmọ Rẹ́mọ Gidi (Ìpẹrù), aago 10:21 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Níbi ìsanwó, ìsọ̀ náà yóò bi yín bóyá pọ́n-ùn ni ẹ fẹ́ san tàbí náírà. Náírà ni kí ẹ yàn. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni báńkì ń dí. Tí ó bá ti rí i pé náírà ló ń jáde, kò ní í ka ìyẹn sí ìnáwó òkèèrè mọ́. Bí èmi ṣe ń san owó fíìmù tí mò ń wò lóṣooṣù nìyẹn, kò sì tíì kọ̀ rí.

Oníṣọnà Ìtálè, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:30 òwúrọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀gá Akọ̀wé, ìgbà àkọ́kọ́ kò sí ojú-ewé kankan. Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnnì ni wọ́n ti kọ̀ ọ́. Mo pe báńkì, wọ́n ní kí n lọ sí ibi ètò káàdì nínú áàpù wọn kí n ṣí ìsanwó òkèèrè, mo sì ṣí i. Ìgbà kejì ojú-ewé náà jáde, ó ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù mi, ṣùgbọ́n mo dúró títí ojú-ewé fi kú, n kò rí kóòdù. Àlẹ́ẹ̀tì kankan kò wọlé nígbà méjèèjì. Lóòótọ́, wọ́n bi mí ní pọ́n-ùn tàbí náírà. Nígbà tí mo tẹ náírà wò, ₦122,500 ló gbé jáde.

Akọ̀wé Káàdì, aago 8:10 òwúrọ̀

Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fa ti ìgbà méjèèjì náà, ẹ ò wá rí i pé tí a bá kó wọn pọ̀ a ò ní í rí ojútùú.

Ti àkọ́kọ́, báńkì yín ló kọ̀ ọ́ kó tó béèrè ohunkóhun, nítorí pé ìlẹ̀kùn òkèèrè káàdì náà wà ní títì. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ní ọdún 2022, nígbà tí dọ́là wọ́n àwọn báńkì wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn gé gbèdéke káàdì náírà sí 20 dọ́là lóṣù, nígbà tí ọdún náà sì fi máa parí, àwọn kan ti dá a dúró pátápátá. Ọdún 2025 ni púpọ̀ nínú wọn tó tún ṣí i padà. Ṣùgbọ́n bí báńkì bá ṣí i fún gbogbo ènìyàn, èyí kò túmọ̀ sí pé ó ṣí i lórí káàdì tìrẹ. Báńkì mìíràn máa ń fi ìyẹn sílẹ̀ fún oníbàárà láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí. POS Òkè-Ajé kò lè fi èyí hàn yín, nítorí ọ̀nà abẹ́lé ló gbà.

Ti ìkejì, kò sí ẹni tó kọ̀ yín. Báńkì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni ẹ mú káàdì náà dání, ẹ kò sì dáhùn. Báńkì yín ló ń fi kóòdù yẹn ránṣẹ́, ìsọ̀ kò mọ̀ ọ́n rárá, sí nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì yín lọ́dọ̀ wọn ló sì ń lọ, yálà fóònù náà wà lọ́wọ́ yín tàbí kò sí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró. Nọ́ńbà wo ni ẹ fi ṣí àkáǹtì náà? Ẹ tún wò ó bóyá ẹ ti fi `STOP` ránṣẹ́ sí 2442 rí láti dá àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dúró, torí mo ti rí ibi tí ìyẹn ti dí ti báńkì mọ́ ọn.

Àbúrò mi ará Ìpẹrù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sí tìrẹ. Ilé-iṣẹ́ tí ò ń san owó fíìmù fún ń gba owó rẹ̀ nípasẹ̀ báńkì kan níbí ní Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí káàdì rẹ fi ń gbà. Ìsọ̀ Àǹtí kò ní báńkì níbí. Bí ó tilẹ̀ kọ náírà síwájú wọn, báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń béèrè owó náà, orílẹ̀-èdè báńkì yẹn sì wà nínú ìbéèrè tó ń wọlé. Ibẹ̀ ni báńkì wa ń wò. Bí ìlẹ̀kùn òkèèrè bá wà ní títì, yíyan náírà kò lè ṣí i.

Ọmọ Rẹ́mọ Gidi, aago 8:34 òwúrọ̀

Mo gbọ́ o, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kò ha sàn kí èèyàn mọ iye náírà tí yóò jáde, ju kó fi ojú inú máa wo iye tí báńkì yóò yọ?

Akọ̀wé Káàdì, aago 8:50 òwúrọ̀

Àǹfààní tó ní nìyẹn, n kò jiyàn. Àmọ́ ìsọ̀ tàbí báńkì rẹ̀ ló yan iye pàṣípààrọ̀ yẹn, èrè wọn sì ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ jẹ́ ti dọ́là, láti inú àkáǹtì dọ́mù, ni kó tún ṣọ́ra jù, kó má yan owó mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ìsọ̀ fi ń tajà.

Ìyá Ìbejì Ìlíṣàn, aago 11:02 òwúrọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Káàdì dọ́là inú fóònù ni èmi ń lò, mo fi 20 dọ́là sí i gẹ́lẹ́ nítorí 20 dọ́là ni ohun tí mo fẹ́ rà, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti káàdì náà pa. Ṣé ilẹ̀ òkèèrè kò fẹ́ràn wa ni?

Akọ̀wé Káàdì, aago 11:20 òwúrọ̀

Ìyá Ìbejì, ó ṣeé ṣe kí owó orí ìjọba ìlú ìsọ̀ náà ti gun orí 20 yẹn, ìsọ̀ mìíràn sì tún máa ń kọ́kọ́ yọ dọ́là kan láti fi dán káàdì wò kó tó yọ owó gan-an. Ẹ fi díẹ̀ lé e nígbà mìíràn. Ti pípa tí wọ́n ti káàdì yẹn pa, àgbìyànjú léraléra ló fà á. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ olè kò mọ̀ pé inú ló ń bí yín. Ohun tó rí kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó jí káàdì, tó ń wá iye tí yóò gbà. Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dúró, ẹ wádìí.

Oníṣọnà Ìtálè, ọjọ́rú, aago 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá, ẹ ò ṣì í rárá. Nọ́ńbà tí mo fi ṣí àkáǹtì ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni, fóònù náà ti wà lọ́wọ́ ọmọ mi ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ní lóòótọ́ lòun rí nọ́ńbà mẹ́fà kan lálẹ́ ọjọ́ Ajé, òun rò pé àwọn gbájúẹ̀ ni, òun sì pa á rẹ́. Orí ímeèlì ni àlẹ́ẹ̀tì mi ń wọlé sí, ìdí tí n kò fi fura nìyẹn. Mo ti lọ sí báńkì, mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà.

Mo wá gbìyànjú lónìí, mo yan pọ́n-ùn. Kóòdù dé, mo tẹ̀ ẹ́, ojú-ewé báńkì ní ó ti tọ́. Lẹ́yìn náà ni ìsọ̀ tún sọ pé wọ́n kọ káàdì mi! Kò sí àlẹ́ẹ̀tì. ₦118,000 ló wà nínú àkáǹtì yẹn, mo sì ti ṣírò rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé pọ́n-ùn kan jẹ́ ₦2,050, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ ₦114,800. Owó mi tó, ó sì ṣẹ́ kù.

Akọ̀wé Káàdì, aago 7:00 ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbà mí gbọ́, owó yín kò tó. Kóòdù tó tọ́ kàn fi hàn pé ẹ̀yin ni ẹ ni káàdì. Ó ku kí báńkì wo àpò. Iye orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ṣírò kì í sì í ṣe iye tí báńkì ń lò.

Pọ́n-ùn kì í bọ́ sí náírà tààràtà lójú ọ̀nà yìí. Mastercard ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di dọ́là, báńkì yín wá fi iye dọ́là tirẹ̀ sọ ọ́ di náírà. Pọ́n-ùn 56 ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ san. Bí pọ́n-ùn kan bá jẹ́ dọ́là 1.35 lọ́jọ́ náà, ó di dọ́là 75.60. Ẹ wá wo inú áàpù báńkì yín, ibi tí wọ́n kọ iye dọ́là fún káàdì sí. Mo ní kí ẹnì kan tó ń lo báńkì tí ẹ sọ fún mi lábẹ́lẹ̀ wò ó, ₦1,580 ló rí. Ẹ fi 75.60 sọ ₦1,580 di púpọ̀, ₦119,448 ni yóò fún yín. ₦1,448 ló fi dín. Ẹ pe báńkì, ẹ sọ aago àti iye náà fún wọn, kí ẹ sì béèrè nọ́ńbà ìdáhùn. Tí ẹ bá kàn bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀, wọn yóò ní kí ẹ tún un gbìyànjú. Mo ń retí 51.

Iye náà tún lè yí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á, nítorí ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni ìsọ̀ sábà máa ń wá kó owó gan-an, iye ọjọ́ yẹn ni wọn yóò sì lò. Ẹ jẹ́ kí ₦125,000 wà níbẹ̀.

Oníṣọnà Ìtálè, Ọjọ́bọ̀, aago 1:45 ọ̀sán

51 ni wọ́n pè é! Ẹni tó gbé fóònù náà bi mí bóyá òṣìṣẹ́ báńkì ni mí.

Mo fi owó kún un, mo tún un ṣe láàárọ̀. Kóòdù dé, àlẹ́ẹ̀tì ₦119,448 wọlé, mo ti ń jó nínú ìsọ̀ mi. Ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà ni ímeèlì ìsọ̀ wọlé pé àwọn ti fagi lé ohun tí mo rà, nítorí àwọn kò lè fìdí àdírẹ́sì mi múlẹ̀. Owó mi ti lọ, húùkù kò sì ní í wá. Àdírẹ́sì ọmọ àbúrò ìyá mi ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo fi sí i, torí òun ni yóò bá mi gbé e wálé.

Ọmọ Rẹ́mọ Gidi, aago 2:03 ọ̀sán

Olè ni wọ́n! Ẹ lọ gbé báńkì wá sí ẹjọ́, kí wọ́n gba owó yín padà lónìí.

Akọ̀wé Káàdì, aago 2:30 ọ̀sán

Àbúrò, rọra. Wọn ò tíì gbé owó kankan. Báńkì ló so ₦119,448 mọ́lẹ̀ fún ìsọ̀ kó má bàa di ohun tí a ná síbòmíràn, àlẹ́ẹ̀tì sì ń dún nígbà tí wọ́n bá so ó. Bí ìsọ̀ kò bá wá kó o, báńkì yóò tú u. Bí ìsọ̀ bá ránṣẹ́ pé kí wọ́n tú u, ó lè yá. Bí kò bá ránṣẹ́, báńkì yóò dúró títí iye ọjọ́ tirẹ̀ yóò fi pé, èyí tó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, tó sì lè tó oṣù kan ní ibòmíràn. Àǹtí, ẹ kọ̀wé sí ìsọ̀ náà kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé àwọn ti fagi lé àṣẹ ìsanwó, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà àṣẹ náà sí i. Báńkì lè fi ìyẹn ṣiṣẹ́. Ẹ rí i dájú pé fífagilé ni wọ́n sọ. Tí wọ́n bá ti kó owó náà kí wọ́n tó dá a padà, ìsanwó tuntun ni yóò jẹ́, iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tó bá dé ni wọn yóò sì fi ṣírò rẹ̀, ó sì lè dín sí ohun tí ó jáde.

Ti àdírẹ́sì, àdírẹ́sì méjì ni fọ́ọ̀mù ń béèrè. Ọ̀kan ni ibi tí ẹrù yóò lọ, èkejì ni ibi tí báńkì mọ oní-káàdì sí. Ẹ fi Lọ́ńdọ̀nù sí méjèèjì. Ìsọ̀ wá rí káàdì Nàìjíríà, íńtánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, àti oní-káàdì tó ní Lọ́ńdọ̀nù lòun ń gbé. Àwọn báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè sọ fún ìsọ̀ pé nọ́ńbà ilé àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ bá ti fáìlì mu. Báńkì wa kì í dáhùn ìbéèrè yẹn, nítorí náà ohun tí wọ́n rí nìkan ni wọ́n fi ṣèdájọ́. Ibi ìkejì yẹn ni kí ẹ kọ Ìjẹ̀bú-Òde sí, bí ó ti wà ní báńkì gẹ́lẹ́.

Tíṣà Àgbà Ìkẹ́nnẹ́, aago 3:15 ọ̀sán

Akọ̀wé, mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n ọmọ mi ọkùnrin kọ Ìkẹ́nnẹ́ sí ibi tí o wí, ìsọ̀ náà sì kọ̀ ọ́ kíákíá nítorí pé ó rí Nàìjíríà. Nígbà tí ó kọ Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbà á. Kí lo fẹ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe?

Akọ̀wé Káàdì, aago 3:40 ọ̀sán

Bàbá, ó ń ṣẹlẹ̀. Òfin ìsọ̀ kan kì í ṣe ti èkejì, ìsọ̀ tí kò bá fẹ́ káàdì Nàìjíríà kò sí àdírẹ́sì tí yóò mú un fẹ́ ẹ. Síbẹ̀, n kò ní í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kọ ibi tí kò gbé, torí pé ọjọ́ tí ẹ̀sùn bá dé, ìwé náà ni wọn yóò fi mú un.

Tíṣà Àgbà Ìkẹ́nnẹ́, aago 3:52 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi, àmọ́ ọmọ mi rí ọjà rẹ̀ gbà o.

Oníṣọnà Ìtálè, ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:20 òwúrọ̀

Mo ti kọ̀wé sí ìsọ̀ náà, wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn ti fagi lé àṣẹ, wọ́n sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Báńkì gba ìwé náà lánàá, wọ́n ní kí n máa retí rẹ̀, wọn ò sọ ọjọ́. ₦119,448 náà ṣì wà ní ìsomọ́lẹ̀ ní báyìí.

Mo fi owó mìíràn ra húùkù náà ní ìsọ̀ ọ̀tọ̀, tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní Nàìjíríà nínú, mo kọ Ìtálè sí ibi oní-káàdì, mo kọ Lọ́ńdọ̀nù sí ibi ẹrù. Pọ́n-ùn méjì ni ó fi wọ́n ju ti àkọ́kọ́. Wọ́n ti gbà á. Ọ̀gá Akọ̀wé, bí owó àkọ́kọ́ kò bá tú sílẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé ẹ̀ka kan náà ni kí n padà lọ bá, àbí ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà?

Akọ̀wé Káàdì, aago 11:05 òwúrọ̀

Ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn káàdì ni kí ẹ béèrè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníkántà. Ẹ mú ìwé ìsọ̀ yẹn dání, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.